Ìwé Ìpè Tí Kò Kí Èèyàn

Ẹ̀yin ará, ó dá mi lójú pé ìwé ìpè ìgbéyàwó kan wà nílé yín báyìí, lábẹ́ rédíò tàbí lórí fìríìjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mú un wá kí ẹ tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ẹ kà á sókè bí ìgbà tí ẹ bá ń jíṣẹ́ fún ẹnì kan. Bó bá ṣe dún létí yín, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kan tí ìyá kan nínú ìjọ wa mú wá bá mi lóṣù Kọkànlá 2024 ṣe dún. Ó ní kí n bá òun wo àmì orí rẹ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Àmì orí rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni.

Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ìyá náà láti fi í hàn yín. Mo yọ orúkọ wọn kúrò. Ìyàwó ni Lágbájá, ọkọ ni Tàmẹ̀dù, bàbá ìyàwó tó ti dolóògbé sì ni Làkáṣègbè. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí:

«Ìdílé Olóògbé Alàgbà Làkáṣègbè ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìdílé Tàmẹ̀dù ti Ọ̀fà ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè fún ọlá wíwà níbẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni/Ìyáàfin/Ọ̀mọ̀wé .......... níbi ayẹyẹ ìsopọ̀ mímọ́ láàárín àwọn ọmọ wọn, Lágbájá àti Tàmẹ̀dù. Ètò ìdána: ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Kìíní 2025, ní ibùgbé ìyàwó, Bukuru, aago 11 òwúrọ̀. Ìsìn ìgbéyàwó: ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kìíní 2025, ní ilé ìjọsìn, Jos, aago 10 òwúrọ̀ géérégé. Ìgbàlejò yóò tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ọjà. Àwọ̀ ọjọ́ náà: búlúù àti fàdákà. Ìwé yìí gba ènìyàn méjì péré. RSVP.»

Nọ́ńbà fóònù méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo kà á sókè fún ìyá náà, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà. Nígbà tí mo kà á tán, ó wò mí, ó ní, «Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?»

Ìbéèrè yẹn ló mú gbogbo àtúnṣe tí a ṣe wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà «àwọn ọmọ wọn». Ta ni «wọn»? Ìdílé kan ń pe èèyàn wá síbi ayọ̀ ara wọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ara wọn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lórí káàdì òyìnbó nìyẹn, a kàn wọ agbádá fún un ni. Ibẹ̀ náà ni «béèrè fún ọlá wíwà níbẹ̀» ti wá. Lórí káàdì òyìnbó, gbólóhùn yẹn ní ààyè tirẹ̀, ìsìn inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì sábà máa ń fi í pè. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbọ́ kí Yorùbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn kó ní òun wá béèrè fún ọlá wíwà níbẹ̀ rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni «ẹ wá fi ẹsẹ̀ yín yẹ́ wa sí». Ọlá tí wọ́n ń wá kiri ti wà nínú «yẹ́ sí» tẹ́lẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwé náà kò kí èèyàn. Láyé àtijọ́, ẹnìkan ni wọ́n ń rán láti ilé dé ilé. Onítọ̀hún á wọlé, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á béèrè àlàáfíà ilé, á sọ ẹni tó rán òun, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ ìnáwó. Ẹni tó bá wọlé tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ àti aago, ẹ ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọlọ́pàá ló rán an. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni ìwé ìpè gbà ṣe. Kí ló dé tí kò kọ́ ìwà rẹ̀?

Mo ní kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ kọ òmíràn wá. Lọ́jọ́ kẹta ó dé, inú rẹ̀ dùn. Ohun tó kọ nìyí: «Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ẹbí wa ọ̀wọ́n, ọjọ́ ayọ̀ wa ti dé! Ìfẹ́ ló pàdé wa, ìfẹ́ náà ló ń mú wa lọ. Má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ o, wá bá wa jó ní Sátidé, aago mẹ́wàá, ní Jos!»

Ó lọ́yàyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mú ìwé àkọ́kọ́, mo ka ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ wọ́n sẹ́yìn àpòòwé kan: ọjọ́ ìdána, aago rẹ̀, ibi tó ti máa wáyé, ọjọ́ ìsìn, aago rẹ̀, ibi tó ti máa wáyé, ìgbà tí ìgbàlejò máa bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti máa wáyé, àwọ̀ aṣọ, iye èèyàn, àti fóònù. Mọ́kànlá ni. Nígbà tí mo fi wọ́n wé tirẹ̀, mẹ́ta péré ló kù, mẹ́ta náà kò sì pé. Sátidé wo? Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni àbí alẹ́? Ibo ní Jos? Ìdána ọjọ́ Ẹtì ti pòórá pátápátá. Ẹ rántí pé àwọn èèyàn wọn ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Ẹni tó bá rò pé Sátidé nìkan ni ìnáwó, òru ọjọ́ Ẹtì ló máa wọ Jos, nígbà tí wọ́n ti ṣe ìdána tán, tí wọ́n sì ti fọ ìkòkò.

Àbùkù mìíràn wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í tètè rí: «má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ». Ìwé kan náà ló ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀yàyà kò sọ pé ká kó «ẹ» dànù. Ẹni tí kò mọ èyí á fi ìwé ìpè dá ìjà sílẹ̀ kí aago ìsìn tó lù.

A wá jókòó, àwa mẹ́ta. Ibi tó le jù ni bí ìwé náà ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ọdún 14 ni ìyá yìí fi nìkan tọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, orúkọ tàbí ipò rẹ̀ kò sì sí níbì kankan nínú ìwé àkọ́kọ́. Mo ní kó jẹ́ òun ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó gbọ́, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní bó bá jẹ́ ìyá nìkan ló ń pe èèyàn, a ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹbí bàbá kọ ọmọ wọn sílẹ̀ nìyẹn. Mo rò ó dáadáa, ó jàre. Ẹbí ló ń fi ọmọ fọ́kọ, kì í ṣe ẹnì kan. Ohun tí òun náà kò rí ni pé «ìdílé» lásán kò ní ojú, kò ní ẹnu. Nítorí náà, a jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀, kí ẹbí dúró tì í. Bó ṣe jáde nìyí:

«Ẹ̀yin .........., a kí yín o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Èmi ìyá Lágbájá, àti gbogbo ẹbí bàbá rẹ̀, Olóògbé Alàgbà Làkáṣègbè ti Ògbómọ̀ṣọ́, àti àwọn àna wa, ẹbí Tàmẹ̀dù ti Ọ̀fà, la ní ká sọ fún yín pé ọmọ wa Lágbájá ń relé ọkọ rẹ̀, Tàmẹ̀dù. Lọ́jọ́ Ẹtì, 10 oṣù Kìíní 2025, aago 11 àárọ̀, a ó ṣe ìdána nílé wa ní Bukuru. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kìíní, aago 10 àárọ̀ géérégé, a ó so wọ́n pọ̀ nílé ìjọsìn wa ní Jos. Bí a bá ti ń jáde níbẹ̀, gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ọjà là ń lọ tààrà, ibẹ̀ la ó ti jẹun, tí a ó sì jó. Búlúù àti fàdákà ni àwọ̀ tí a mú. Àga méjì la yà sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ yín yẹ́ wa sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọ̀kan nínú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí kó tó di ọjọ́ 3 oṣù Kìíní, kí a lè mọ iye ẹni tí a ó dáná fún. Òtútù mú ní Jos lásìkò yìí o, ẹ mú aṣọ tó nípọn dání.»

Mo tún mú àpòòwé mi, mo fàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ló pé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àga méjì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Gbọ̀ngàn náà kò gbà ju 250 lọ. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀yàyà bo òfin mọ́lẹ̀, a ó kọ «ẹ kó gbogbo ilé wá», ìrẹsì á sì tán kó tó dé ìdajì tábìlì. «Ìwé yìí gba ènìyàn méjì péré» dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. «Àga méjì la yà sọ́tọ̀ fún yín» kò fi kún iye náà, ṣùgbọ́n ohun tí a fún èèyàn ló sọ, kì í ṣe ohun tí a fi dù ú.

Ní ti RSVP, ọ̀rọ̀ Faransé ni, «ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì» ló túmọ̀ sí. Àwọn aláwàdà wa ti sọ ọ́ di ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó pọ̀ gan-an, mi ò sì bá wọn jà, torí pé lórí ọ̀pọ̀ káàdì wa, nọ́ńbà lásán ló ń tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí tí òun fi máa pè, tàbí ìgbà tó yẹ kí òun pè. Ọjọ́ 3 yẹn kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ òtútù náà kò sì sí níbẹ̀. Ìyá ló fọwọ́ sí méjèèjì kí n tó fi wọ́n sí i. Ẹni tó ń tún ìwé onínàáwó kọ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìlérí kankan lórúkọ wọn. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ àwọ̀ pé ẹni tí kò bá ní búlúù kó wọ ohun tó ní. Ìyá kọ̀. Ó ní, «Mo mọ àwọn tí kò ní owó aṣọ. Màá lọ bá wọn nílé.» Ni mo bá fi í sílẹ̀.

«Géérégé» ni mi ò lè fi ohunkóhun rọ̀ lójú. Ìgbéyàwó mìíràn wà nílé ìjọsìn kan náà ní aago 1. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ka èyí tó kẹ́yìn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó sọ ni pé kí a kọ «Alàgbà» tó wà níwájú orúkọ àbúrò òun tóbi díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ màmá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kà á fún un. Wọ́n ní bó ṣe ka «Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?» ni màmá ti dáhùn pé, «A dúpẹ́ o, ìyá Lágbájá,» kó tó ní kí ọmọ náà máa kà á lọ.