FÍDÍÒ TÍ KÒ FỌHÙN: ÀYẸ̀WÒ FÍDÍÒ OMI IYỌ̀ ÀTI ṢÚGÀ

Ní àsìkò òjò tó kọjá, fídíò kan ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù láàárín àwa ọmọ Yorùbá ní Sábọ̀n Gàrí, Sáríà. Ó ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kò ní ohùn rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán nìkan ló ń ṣàlàyé. A kí ẹni tó ṣe é, torí èrò rere ni. Ṣùgbọ́n a ní láti sọ ibi tó kù sí, nítorí ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí kò fi ní ohùn yé wa. Láti ọdún 2013 ni Fésíbúùkù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fídíò máa ṣí fúnra rẹ̀ láìfọhùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sọ ọ́ di àṣà láti máa wò ó bẹ́ẹ̀. Láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta nínú ọjà wa, ta ni yóò tilẹ̀ gbọ́ ohùn fóònù? Àmọ́ irú fídíò yìí yàtọ̀ sí fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú fíìmù, ẹni tí kò rí ìlà kan kà yóò gbọ́ ọ lẹ́nu òṣèré. Níhìn-ín, ohun tí ojú kò bá kà ti sọnù.

Ẹ wo ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀, bí a ṣe rí i gan-an: "E bu omi to mo ti e ti se ti o si ti tutu lita kan, e fi sibi tii mefa suga ati aabo sibi tii iyo si i, e ro o po."

Ọ̀rọ̀ 33 ni èyí, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ló sì lò lójú fóònù. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán tẹlifíṣọ̀n kì í sábà fún òǹkàwé ní ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi ìyẹn wọ̀n ọ́n, ó yẹ kí ìlà yìí lo ìṣẹ́jú àáyá 11. Bẹ́ẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wa máa ń kà. Kíka Yorùbá kì í yá wa lẹ́nu.

Àbùkù kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí àmì ohùn níbẹ̀. "Se" lè jẹ́ sè, ó sì lè jẹ́ ṣe. "Aabo" tó yẹ kó jẹ́ ààbọ̀, ìyẹn ìdajì, ẹlòmíràn yóò kà á sí ààbò, bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Bí kò bá bá a mu, yóò fò ó, yóò sì bu odindi ṣíbí iyọ̀ kan. Iyọ̀ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Iyọ̀ àpọ̀jù lè mú kí gìrì mú ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ká ní ẹnìkan sọ ọ́ lóhùn ni, kò sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́. Bí a bá sì kọ "idaji" láìsí àmì, ó tún lè di ìdájí, òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Bí a bá jẹ́ olùkọ̀wé rẹ̀, báyìí ni à bá ṣe kọ ọ́, ìlà kan fún àwòrán kan:

Omi mímọ́: lítà 1
Ṣúgà: ṣíbí tíì 6, ẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú
Iyọ̀: ½ ṣíbí tíì péré, kó tẹ́jú
Ẹ rò ó pọ̀ títí yóò fi yọ́
Bí ọmọ kò bá lè mu ún, tàbí ojú rẹ̀ jìn wọlé: ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn

Kí àwòrán lítà kan jẹ́ ọ̀rá omi méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Kí ìlà iyọ̀ dúró pẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ, kí àwòrán sì fi ṣíbí tó dé ìdajì hàn, nítorí nọ́ńbà àti àwòrán kò ní àmì ohùn tí ó lè bọ́ sọnù.

Ọ̀nà ìdánwò kò ṣòro. Kí olùkọ̀wé ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú sùúrù. Bí ìlà bá ti lọ kó tó parí, kò tíì pẹ́ tó. Kí ó wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, nítorí àwọn fóònù kan máa ń fi àpótí òfìfo rọ́pò ẹ́ àti ọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fún ìyá kan tí kò rí i rí, kí ó pa ohùn rẹ̀, kí ó sì ní kó bu iyọ̀ náà lójú òun. Ọwọ́ ìyá náà ni yóò sọ bóyá ìwé wa yé e.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á. Fún wọn, fídíò yìí yadi pátápátá. Kí a má ṣe kọ Yorùbá àti Haúsá pọ̀ sójú kan ṣoṣo. Ojú fóònù kéré. Kí a ṣe fídíò méjì, kí a sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíkà.