Ìpele àti Ìṣùpọ̀: Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Yan Aṣojú Nínú Ìwádìí Kíláàsì

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ nínú ìwé ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sìtátísíìkì ń kọ fún olùkọ́ wọn. Wọ́n á ní àwọn pín ọmọ ilé ìwé girama kan sí kíláàsì-kíláàsì, àwọn mú kíláàsì mẹ́ta, àwọn sì fún gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ní ìwé ìbéèrè. Wọ́n á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàn onípele ni àwọn lò. Ohun tí wọ́n lò kì í ṣe ìyàn onípele rárá, ìyàn oníṣùpọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ju orúkọ lọ, nítorí pé ẹni tó bá pe ìṣùpọ̀ ní ìpele yóò ṣe ìṣirò ìpele fún un, iye tó bá sì jáde níbẹ̀ kò ní ṣeé gbára lé.

Ohun tó ń da àwọn méjèèjì rú mọ́ni lójú ni pé pípín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ti ṣẹ́ kèké ni wọ́n ti yàtọ̀. Nínú ìyàn onípele, kò sí ẹgbẹ́ tó já sílẹ̀: gbogbo wọn ló wọlé, inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a ti ń ṣẹ́ kèké láti mú ènìyàn díẹ̀. Nínú ìyàn oníṣùpọ̀, àárín àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ni kèké ti ń bọ́: ẹgbẹ́ tí kèké bá mú yóò sọ̀rọ̀, èyí tí kò mú yóò dákẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yẹ ìwé ìwádìí wò kò nílò ju ìbéèrè kan lọ: lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́ kèké tán, ǹjẹ́ ẹgbẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ti inú rẹ̀ jáde wá? Bó bá wà, ìṣùpọ̀ ni.

Láti ibẹ̀ ni ohun tí a ń fẹ́ lára ẹgbẹ́ ti di òdìkejì ara wọn. Ìpele tó dára ni èyí tí àwọn ará inú rẹ̀ jọra, tó sì yàtọ̀ sí ìpele kejì, torí pé nígbà náà, ènìyàn díẹ̀ ti tó láti ṣojú rẹ̀. Ìṣùpọ̀ tó dára ni èyí tí onírúurú ènìyàn kún inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá mú un, ó dà bíi pé a mú gbogbo ilé ìwé ní kékeré. Kíláàsì ilé ìwé girama kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ inú rẹ̀ súnmọ́ra, olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ wọn, àti pé ní girama àgbà, sáyẹ́ǹsì wà lọ́tọ̀, áàtì wà lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwé kan tó ní 1,200 ọmọ. Ọdún mẹ́fà ni girama, ọdún kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì márùn-ún, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní 40 ọmọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ mọ iye ọmọ tó ní ìwé ìṣirò tirẹ̀, agbára wọn sì ká ọmọ 120. Kí a lè rí òtítọ́ tí ìwádìí yẹ kó bá pàdé, mo fi iye wọ̀nyí sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ: ní ọdún kìíní, 90 nínú 100 ló ní ìwé, torí pé òbí máa ń ra ìwé fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ní ọdún kejì, 80, ní ìkẹta, 70, ní ìkẹrin, 50, ní ìkarùn-ún, 40, ní ìkẹfà, níbi tí ọ̀pọ̀ ti gbájú mọ́ ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, 30. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, 60 nínú 100 ni.

Bí wọ́n bá ṣẹ́ kèké láàárín gbogbo ọmọ 1,200 láìpín wọn rárá, ọmọ 120 yóò fún wọn ní èsì tí kò ní fi ju bíi 9 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ 60 náà, nígbà 95 nínú 100. Bí wọ́n bá wá fi ọdún ṣe ìpele, tí wọ́n mú 20 láti inú ọdún kọ̀ọ̀kan, 9 yẹn yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8. (Mo fi ẹ̀dínkù kékeré tó yẹ kó wà nítorí pé a mú ìdá kan nínú mẹ́wàá ilé ìwé náà sílẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ padà.) Ẹ kíyè sí bí èrè náà ti kéré tó. Àwọn ọdún wọ̀nyí yàtọ̀ síra gan-an, láti 90 dé 30, síbẹ̀ ohun tí ìpele dín kù lára àṣìṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì í jẹ́ kí ìpele fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn. Ohun tí ìpele ń ṣe níbí gan-an ni pé ó ń dá ààbò bo ìwádìí, kí kèké má baà kó gbogbo aṣojú sí apá kan ilé ìwé.

Ìṣùpọ̀ ńkọ́? Kíláàsì mẹ́ta nínú ọgbọ̀n, gbogbo ọmọ 40 inú ìkọ̀ọ̀kan. 120 náà ni. Leslie Kish, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1965 lórí yíyan aṣojú, fi ọ̀nà kúkúrú lélẹ̀ láti mọ iye ìlọ́po tí ìṣùpọ̀ ń sọ àyípoyípo èsì dà:

`1 + (m − 1)ρ`

`m` ni iye ènìyàn tí a mú nínú ìṣùpọ̀ kọ̀ọ̀kan. `ρ` ni ìwọ̀n bí àwọn ará ìṣùpọ̀ kan náà ṣe jọra tó nínú ohun tí a ń béèrè: bó bá jẹ́ òdo, ìbátan ò sí, bó bá jẹ́ 1, ohun kan náà ni gbogbo wọn yóò sọ. Nínú ilé ìwé wa, bí a bá ka ìyàtọ̀ ọdún sí ọdún, tí a tún ka ti olùkọ́ tó ń fi dandan mú ọmọ ra ìwé àti èyí tí kò bìkítà, `ρ` tó 0.23. Ìlọ́po 39 lọ́nà 0.23, kí a fi 1 kún un, yóò sún mọ́ 10. Ìyẹn ni pé ọmọ 120 tó kọ ìwé ìbéèrè kò sọ ju ohun tí ọmọ 12 tí kèké mú lọ́kọ̀ọ̀kan lè sọ. Ìwọ̀n àṣìṣe kúrò ní 9, ó di nǹkan bíi 28.

Kò ṣòro láti rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí kèké bá mú kíláàsì méjì ní ọdún kìíní àti ọ̀kan ní ọdún kejì, wọ́n á kọ ọ́ pé 87 nínú 100 ló ní ìwé. Bó bá mú ọ̀kan ní ìkarùn-ún àti méjì ní ìkẹfà, 33 ni wọ́n á kọ. Ilé ìwé kan náà, ìbéèrè kan náà, kèké tí kò ṣe ojúsàájú. Ohun tó ń dùn mí jù nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni pé àṣìṣe rẹ̀ kì í hàn lójú ìwé. Ìwé ìbéèrè 120 wà nínú fáìlì, wọ́n kún dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ 9 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ láìmọ̀ pé ohun tí òun ṣẹ́ kèké fún jẹ́ mẹ́ta péré.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí náà ti kọsẹ̀ síbẹ̀ rí. Ní Ítálì, Corrado Gini àti Luigi Galvani fẹ́ tọ́jú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1921. Wọ́n mú àgbègbè ìṣàkóso 29 lódindi nínú 214, wọ́n sì fi ọwọ́ ṣà wọ́n kí àwọn ojúwọ̀n pàtàkì bíi mélòó kan lè bá ti gbogbo orílẹ̀-èdè mu. Àwọn ojúwọ̀n tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣà wọ́n bá ti orílẹ̀-èdè mu lóòótọ́; nígbà tí wọ́n wo nǹkan mìíràn, ó yàtọ̀. Jerzy Neyman mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú Ẹgbẹ́ Sìtátísíìkì ti Ọba ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1934. Yàtọ̀ sí pé wọn kò ṣẹ́ kèké, ó ní ohun tí wọ́n mú tóbi jù, ó sì kéré jù ní iye. Ẹ̀sùn kejì yìí ló kan kíláàsì mẹ́ta wa gan-an.

Síbẹ̀, mi ò ní dá ìṣùpọ̀ lẹ́bi pátápátá, torí mo mọ ohun tí ìpele ń ná ènìyàn. Ọmọ 20 nínú ọdún kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí pé kí a gba rẹ́jísítà kíláàsì ọgbọ̀n, kí a to orúkọ 1,200, kí a ṣẹ́ kèké, kí a wá máa kan ilẹ̀kùn kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti pe bí ọmọ mẹ́rin jáde lẹ́nu ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kan á ní òun ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Ọmọ kan ò wá sílé ìwé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rẹ̀ á mú ẹni tó jókòó sítòsí dípò ẹni tí kèké mú, tàbí kí olùkọ́ bá a yan ọmọ tó mọ̀wé. Ìyàn onípele tí wọ́n fi ọwọ́ ṣà parí kò sàn ju ìṣùpọ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa lọ. Bó bá sì jẹ́ pé oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń béèrè, `ρ` kò ní ju òdo lọ púpọ̀, kíláàsì mẹ́ta kò sì ní fa àdánù kankan tó ṣe gbòógì. Ìbéèrè tí a fẹ́ béèrè ló yẹ kó pinnu, kì í ṣe ọ̀nà tí olùkọ́ fẹ́ràn.

Fún ìbéèrè ìwé ìṣirò, èmi á da méjèèjì pọ̀: kí ọdún jẹ́ ìpele, kí kíláàsì jẹ́ ìṣùpọ̀. Ṣẹ́ kèké mú kíláàsì méjì nínú márùn-ún ní ọdún kọ̀ọ̀kan, méjìlá nìyẹn. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, mú ọmọ mẹ́wàá láti inú rẹ́jísítà: ṣẹ́ kèké láàárín 1 sí 4, bó bá mú 3, pe orúkọ kẹta, ìkeje, ìkọkànlá, títí dé ìkọkàndínlógójì. Ọmọ 120 náà ni. Ìyàtọ̀ ọdún sí ọdún kò tún ní ibi tó ti lè ba èsì jẹ́ mọ́. Ìyàtọ̀ olùkọ́ sí olùkọ́ nìkan ló kù. Bí a bá fi `ρ` rẹ̀ sí 0.05, ìwọ̀n àṣìṣe yóò wà ní nǹkan bíi 9 àbọ̀. Ó fi díẹ̀ ju 8 lọ, àmọ́ ilẹ̀kùn méjìlá ni a kàn dípò ọgbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí ńlá lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018: wọ́n pín ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá sí ìgboro àti ìgbèríko, ó di ìpele 74, wọ́n yan àdúgbò ìkànìyàn 1,400 láàárín wọn, wọ́n sì mú agboolé 30 nínú ìkọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tún dín iṣẹ́ kù lè rò pé kíláàsì kan ní ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ó mú ọmọ 20 nínú rẹ̀, ti tó. Kò tó. Pẹ̀lú kíláàsì kan ṣoṣo nínú ìpele, kò sí ohun tí a lè fi wé ohun tí a rí níbẹ̀, a ò sì ní mọ̀ bóyá 50 tí a rí ní ọdún kẹrin jẹ́ ti ọdún kẹrin tàbí ti olùkọ́ kíláàsì yẹn. Pẹ̀lú méjì, bí ọ̀kan bá fún wa ní 70 tí èkejì fún wa ní 30, a ti rí i.