Àgbéyẹ̀wò Ọjà àti Ẹ̀rí Ojú, Ẹnu àti Ọwọ́: Gààrí Ìjẹ̀bú gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè sọ àgbéyẹ̀wò ọjà tí kò ní ẹ̀mí di èyí tí òǹkàwé lè fojú inú rí, tí a kò sì ní fi irọ́ kún un. Èrò wa ni pé ẹ̀rí ni àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ìró wọn ń gbé ìtumọ̀ wọn jáde, bíi báláú, gógó àti táútáú. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé nǹkan kan kan gógó ti jẹ́rìí sí bí kíkan náà ti tó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pa.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún wa nípa gààrí Ìjẹ̀bú tó rà lọ́jà:

“Gààrí yìí dára púpọ̀. Ó funfun, ó gbẹ, ó sì kan. Nígbà tí mo da omi sí i, ó wú, ṣùgbọ́n kò tètè rọ̀. Mo rí iṣan ẹ̀gẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Mo gba àwọn ènìyàn níyànjú láti rà á.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí gààrí níbẹ̀ pẹ̀lú. A ní kó tún un kọ kó lè ta sánsán. Ohun tó mú wá lẹ́ẹ̀kejì nìyí:

“Gààrí funfun báláú, tí ìyá àgbà fi iná igi yan, tí wọ́n fi ọjọ́ márùn-ún sọ di kíkan gógó! Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.”

Èyí dùn ún kà, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rí ẹni tó yan gààrí náà. Ní ti ọjọ́ márùn-ún, òótọ́ ni pé bí ẹ̀gẹ́ rírin bá ti ń pẹ́ sí i nínú àpò kí a tó sẹ́ ẹ kí a sì yan án, bẹ́ẹ̀ ni kíkan rẹ̀ ń pọ̀ sí i, òun ló sì fà á tí gààrí Ìjẹ̀bú fi máa ń kan ju àwọn mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò lè ka ọjọ́. Òórùn ńkọ́? Kò gbọ́ òórùn kankan tó lè rántí. Ó rò pé àgbéyẹ̀wò tó dùn gbọ́dọ̀ ní òórùn ni. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé iṣan ẹ̀gẹ́ ti pòórá. Ibi tí irọ́ ti sábà máa ń wọlé nìyí: àbùkù ọjà ni adùn ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé mì.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó funfun báláú lóòótọ́? Ó ní rárá, ó fẹ́ jọ eyín erin. Ṣé ó fajú ro nígbà tó mu ún láìfi ṣúgà sí i? “Rárá, mà. Itọ́ kàn sun sí mi lẹ́nu ni.” Gógó kò bá a mu nígbà náà, nítorí kíkan tí ń múni fajú ro ni gógó. Báwo ló ṣe mọ̀ pé ó gbẹ? Ó ní òun bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, kò sì lẹ̀. Iye owó ńkọ́? Kò rántí, a yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀dà kẹta nìyí:

“Gààrí yìí funfun bí eyín erin. Mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo fún un, mo sì dà á padà. Ẹyọ kan kò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo da omi tútù sí ife kan, mo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wú, síbẹ̀ mo ṣì ń rún un wómúwómú. Kíkan rẹ̀ kò mú mi fajú ro, ẹ̀yìn ahọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀, itọ́ sì sun sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi. Iṣan ẹ̀gẹ́ mẹ́ta ni mo yọ nínú ife náà.”

“Dára púpọ̀” ti lọ, ìmọ̀ràn pé kí a rà á náà ti lọ. Òǹkàwé lè dá ìyẹn rò fúnra rẹ̀. Kò sí òórùn níbẹ̀, kò sì yẹ kó sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ṣì ń jiyàn lé lórí ni wómúwómú. Lójú tèmi, ó le jù fún gààrí tó ti wà nínú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbà. Ó ní ẹni tí àwọn jọ ń gbé yàrá gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí ibùsùn, ó sì bi òun ohun tí òun ń jẹ. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.