Kí Ló Ń Dun Róbọ́ọ̀tì Inú Kàtúùnù?

Ìtàn tí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ti ń ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ìdí tí inú róbọ́ọ̀tì kan fi bàjẹ́ nínú kàtúùnù jọ ìtàn tí kò ṣòro kọ. Ọmọ méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, ìbéèrè kan, ó parí. Ṣùgbọ́n níbi ìdáhùn ẹ̀gbọ́n gan-an ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń já. Bí ó bá kàn ní, “Inú rẹ̀ ò dùn ni,” ohun tí àbúrò ti fojú ara rẹ̀ rí ló tún sọ. Ọmọ náà ti mọ̀ pé inú róbọ́ọ̀tì bàjẹ́. Ohun tó fà á ló ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á fi WALL-E ṣe àpẹẹrẹ, fíìmù tí Andrew Stanton darí, tí iléeṣẹ́ Pixar gbé jáde ní ọdún 2008. Pàǹtírí ti bo ayé, àwọn ènìyàn ti wọ ọkọ̀ òfurufú sá lọ. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan, WALL-E, ló ṣẹ́ kù tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀, tó ń tò ó léra wọn, aáyán kan ṣoṣo sì ni alábàárìn rẹ̀. Kò ní ẹnu, kò ní imú. Ojú rẹ̀ dà bí awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Níbi ìdíje bésíbọ́ọ̀lù ni Stanton ti rí irú awò bẹ́ẹ̀. Ó yí i kọjú sí ara rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ láàárín, ó sì rí i pé bí òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń fajú ro, tí ó sì tún ń túra ká. Gbogbo ìbànújẹ́ tí à ń rí lójú WALL-E, títẹ̀ yẹn ló ti wá.

Ojú nìkan kò tó ṣàlàyé, ọwọ́ ni kí ẹ̀gbọ́n wò. Ní alẹ́, WALL-E a máa wo kásẹ́ẹ̀tì Hello, Dolly!, fíìmù olórin ti ọdún 1969. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan di ọwọ́ ara wọn mú níbẹ̀. WALL-E tẹjú mọ́ wọn, ó sì rọra fi ọwọ́ rẹ̀ kan di ìkejì mú. Ká sọ pé àbúrò béèrè níbí yìí pé:

“Bọ̀dá mi, kí ló dé tó ń di ọwọ́ ara rẹ̀ mú?”

“Ṣé o rí àwọn méjì yẹn? Ó wu òun náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa bá a di tiẹ̀ mú.”

Ìdáhùn yìí pé. Ó sọ ohun tó wu róbọ́ọ̀tì, ó sọ ohun tí kò ní, kò sì sí èyí tí kò sí lójú tẹlifíṣọ̀n nínú méjèèjì. Bí òǹkọ̀wé bá fi “ìdánìkanwà ló ń bá a jà” sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní rí ibi tí yóò fojú sí.

Ibi tó le jù, tó sì dùn kọ jù, wà lápá ìparí. WALL-E ti fọ́ yánnayànna. EVE, róbọ́ọ̀tì tó fẹ́ràn rẹ̀, bá a pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, WALL-E sì jí. Ṣùgbọ́n kò dá EVE mọ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn nǹkan tó ti ń ṣà jọ láti ọjọ́ yìí pọ̀ bíi pàǹtírí. Àbúrò lè kígbe pé, “Inú rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an!” Ẹ̀gbọ́n tó mòye yóò ní, “Rárá o. Inú tiẹ̀ ò bàjẹ́, kò rántí nǹkan kan ni. EVE ni inú ẹ̀ bàjẹ́, torí òun rántí.” Ojú kan náà ni WALL-E ní, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ti kúrò lára ẹni tí nǹkan ṣe, ó ti bọ́ sára ẹni tó ń wò ó. Ọmọ tí ó bá lóye èyí ti mọ̀ pé ohun tí ẹnì kan mọ̀ lè máà sí lọ́kàn ẹnì kejì.

Ìmọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ń dán wò nígbà tí wọ́n bá fi nǹkan pamọ́ síbì kan, tí wọ́n gbé e síbòmíràn lẹ́yìn ẹni tó ni ín, tí wọ́n wá bi ọmọ pé ibo ni onítọ̀hún yóò ti wá a. Ní ọdún 1994, Josef Perner, Ted Ruffman àti Susan Leekam kọ ọ́ pé àwọn ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tètè ń gba ìdánwò yìí ju àwọn tí kò ní lọ. Ní ọdún 1998, Ruffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kún un pé ẹ̀gbọ́n ló ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀, kì í ṣe àbúrò. Àwọn ìwádìí mìíràn kò rí i bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Síbẹ̀, ó bá ìtàn wa mu: ẹni tó fi ọdún díẹ̀ péré ju ọmọ lọ kò tíì gbàgbé bí nǹkan ṣe rí lójú ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tó bá sọ pé “irin lásán ni, kì í banú jẹ́” ti ba ìtàn jẹ́. Òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn. Èyí tó bá sì yà sídìí ìwàásù nípa dída ilẹ̀ nù kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ọmọdé, ẹ wo ìran náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu, kí ohun tó bá sọ jẹ́ ohun tí àbúrò lè fìka tọ́ka sí.