Èédú Lọ sí Niukásù: Ibi tí Ìtumọ̀ Olọ́rọ̀-sọ́rọ̀ Ti Ń Kùnà

Ògbufọ̀ tó bá gbà pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní èyí tó bá a mu ní Yorùbá yóò kọsẹ̀ lára àkànlò èdè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ẹnì kan ń gbé èédú lọ sí Niukásù. Láti ìlú yìí, ní àríwá ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wíwa èédú níbẹ̀ ti dópin, ṣùgbọ́n àkànlò èdè náà kò kú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn máa làágùn gbé nǹkan lọ síbi tí nǹkan ọ̀hún ti pọ̀ jù.

Bí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Igbó-Ọrà ńkọ́? Ní Ìbàràpá, èédú igi tí wọ́n ń sun lóko fún títà ni olùgbọ́ yóò rò. Ó lè béèrè iye tí wọ́n ń ra àpò kan ní Niukásù. Ìbéèrè yẹn gan-an ni a fi ń dá àṣìṣe náà mọ̀: ògbufọ̀ ń fini ṣẹ̀sín, olùgbọ́ ń gbọ́ ìròyìn ọjà. Bí a tilẹ̀ pè é ní èédú inú ilẹ̀, ẹni tí kò mọ ohun tó pọ̀ ní Niukásù kò ní rí ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò fi ‘fi agbọ̀n pọn omi’ dípò rẹ̀. Ìyẹn náà kò ṣe déédéé. Omi inú agbọ̀n kì í délé. Èédú dé Niukásù láìdín, kò kàn sí ẹni tó nílò rẹ̀ ni. Asán ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó sọ wọ́n di asán yàtọ̀.

Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni ‘gbé ẹ̀gúsí lọ tà fún ará Ìbàràpá’. Ìtàn kan tilẹ̀ so orúkọ Ìbàràpá mọ́ irú ẹ̀gúsí kan tí àwọn aládùúgbò mọ̀ wọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ yanturu, làálàá àti ẹ̀fẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ní ààlà. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù nínú ìtàn àròsọ bá ń dárúkọ Ìbàràpá, òǹkàwé yóò fura. Níbẹ̀, kí ògbufọ̀ sọ pé ó gbé e lọ síbi tó ti pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ̀fẹ̀ yóò dín kù, ìtumọ̀ kò ní sọnù.

Bákan náà ni ti ‘ta korobá nípàá’, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ikú. Ẹni tó gbọ́ ọ lólówuuru yóò máa wá omi tó dànù. Ṣùgbọ́n ‘wàjà’ kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ọba ni Yorùbá ń fi ìyẹn bu ọlá fún, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàwàdà. Kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ tọ́ka sí nìkan ni ìtumọ̀. Ohùn tí a fi sọ ọ́ wà nínú rẹ̀.