Ìkòkò Tí Edé Kò Dé

Lágbègbè ilé-iṣẹ́ tó lọ láti Ọba Akran n'Ìkẹjà dé apá Agége, ọ̀sán ni ogun kántíìnì. Àwọn òṣìṣẹ́ á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ebi á ti pa wọ́n, ọ̀gá wọn sì ń retí wọn. Ìdáná ọ̀kan nínú irú kántíìnì bẹ́ẹ̀ ni mo ń bójú tó. Ohun tó ń dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ìkòkò kékeré kan tí edé kò gbọ́dọ̀ dé, pẹ̀lú gbogbo rúkèrúdò yẹn.

Edé ló máa ń fara pamọ́ jù nínú oúnjẹ wa. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí àti mọ́ínmọ́ín. Kódà máàgì tó ní adùn edé wà lọ́jà. Nínú edé ni purotéènì kan wà tó máa ń bá ara àwọn mìíràn jà, iná kì í sì í sọ ọ́ di aláìlágbára. Bí edé bá ti hó, purotéènì yẹn á jáde sínú omi ọbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká ṣa edé kúrò nínú àwo kan ń tan ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ. Ọkùnrin kan jókòó, ó ní, "Àǹtí, ṣé edé wà nínú ẹ̀fọ́ yìí? Èmi kì í jẹ ẹ́ o." Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kò sọ pé ó wà tàbí kò sí. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ ò kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, àbí èèwọ̀ ni, àbí ó máa ń ṣe yín?" Ọkùnrin náà ní ètè òun máa ń wú, ọ̀fun á sì máa fún òun. "Ẹ jẹ́ kí n bi ẹni tó sè é, sà." Bó ṣe délé ìdáná nìyẹn.

Níbẹ̀ ni mo ti ń wo ohun tó lè jẹ. Ẹ̀fọ́: rárá. Mọ́ínmọ́ín: rárá. Ẹ̀gúsí ló máa ń ya àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu, torí n kò tíì fi edé sí i. Ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n ti lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ tó lọ ẹ̀gúsí ló sì lọ edé ẹni tó ṣíwájú wa. Ọbẹ̀ ata inú ìkòkò kékeré nìkan ló kù.

Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tú àpò edé, ọbẹ̀ yẹn ti gbọ́dọ̀ jinná, torí edé lílọ máa ń fẹ́ bí eruku. Bìléńdà tiwa la fi ń lọ ata rẹ̀. Alùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan la fi ń bọ ẹran rẹ̀. A ó dé e pa, a ó gbé e jìnnà sáwọn yòókù, a ó sì fi okùn so ìgbakọ rẹ̀ mọ́ etí ìkòkò. Nígbà tí a bá fẹ́ bù ú, ọṣẹ àti omi la fi ń fọ ọwọ́. Sànítáísà ń pa kòkòrò ni, kì í ṣí edé kúrò lọ́wọ́. Àwo tuntun la ń lò, a kì í fi àkísà orí tábìlì nù ún. Ẹni tó bu oúnjẹ náà ló ń gbé e lọ, lọ́tọ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí èrò bá pọ̀, tí ẹnìkan sáré ti ìgbakọ ẹ̀fọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ewé bá léfòó, a rí i. Èyí tó burú ni èyí tí ojú kò lè rí. Òfin tí mo ṣe kò gba àríyànjiyàn: bí a bá bá ìgbakọ mìíràn nínú rẹ̀, tàbí tí okùn já, a ó da ọbẹ̀ náà mọ́ ti ìkòkò ńlá, a ó sì sọ fún àwọn tó wà níta pé ó ti tán. Kò sí òfò níbẹ̀, àfi pé a ó ní láti sọ fún oníbàárà pé kò sí. Àwọn kan máa ń bínú. Mo fara mọ́ ìbínú wọn.

Tí ara ẹnìkan bá gbòdì, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ló ń gbà á. Ẹ pe 112 tàbí 767 kíá; bí èémí kò bá nira fún un, kó dùbúlẹ̀, kó má dìde rìn.

Àmọ́ àwọn kan wà tí ooru ìkòkò edé lásán ń dà láàmú. Fún wọn, mo máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé ilé ìdáná mi kò lè ṣe é. Tí ẹyin àti búrẹ́dì kì í bá ṣe wọ́n, kí wọ́n ra búrẹ́dì Agége tó ṣì wà nínú ọ̀rá níta, pẹ̀lú ẹyin sísè tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn bó o.