“Ẹ” Ọ̀wọ̀ àti “Ẹ” Ọ̀pọ̀: Ọ̀rọ̀ Arọ́pò-Orúkọ Nínú Iyàn Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù

Ìfáárà

Ẹ̀sùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní àwọn ìlú wa: wọ́n ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ti sọ ọ̀wọ̀ di ohun àpatì. Wọ́n ní ọmọ ọdún 20 yóò dojú kọ ẹni tó fi ọdún 15 jù ú lọ, yóò sì sọ fún un ní gbangba pé, “Ẹ jẹ ìyà lónìí!” Ohun tí ẹ̀sùn yìí kò ṣàlàyé ni ìdí tí ẹni tí a sọ ọ̀rọ̀ náà sí fi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tí yóò sì dá èsì tirẹ̀ padà láìbi ọmọ náà pé ilé ta ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ti kú níbẹ̀ ni, ó yẹ kí ìjà ti bẹ́.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀wọ̀ kò kú. Inú gírámà ni ó fara pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ “ẹ” ń ṣe iṣẹ́ méjì ní èdè Yorùbá: ó ń tọ́ka sí ènìyàn púpọ̀, ó sì ń tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún. Láàárín iṣẹ́ méjèèjì yìí ni àyè wà fún ọmọdé láti fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ láì fi í wọ́lẹ̀.

Brown àti Gilman (1960) fi agbára àti ìbárẹ́ ṣàlàyé bí àwọn èdè Yúróòpù ṣe ń lo irú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ báyìí. Oyètádé (1995) ní tirẹ̀ fi hàn pé ní ti ìpè láàárín Yorùbá, a kò lè pín nǹkan méjèèjì yìí sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ọjọ́ orí, ipò àti okùn ìbátan ní ipa tiwọn. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kéré: a ti wo “ẹ” gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbàgbé pé ó ṣì jẹ́ ọ̀pọ̀. Inú iyàn bọ́ọ̀lù ni a ti ń rí àǹfààní ìgbàgbé yẹn.

Alẹ́ kan ní Baku

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí n ó lò ni àṣekágbá ìdíje Yúrópà Líìgì láàárín Arsenal àti Chelsea ní ìlú Baku, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ìdajì àkọ́kọ́ parí láìsí ayò. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Olivier Giroud fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún Chelsea, Pedro fi ẹyọ kan kún un, Eden Hazard gbá pẹnáritì wọlé. Alex Iwobi dá ẹyọ kan padà fún Arsenal láti òkèèrè, ṣùgbọ́n Hazard tún gbá òmíràn wọlé. Ó parí sí 4-1.

Àwọn nǹkan mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí ni oúnjẹ fún oníyàn. Giroud, tó ṣí ayò sílẹ̀, ọmọ Arsenal ni títí di oṣù Kìíní ọdún 2018 tó fi lọ sí Chelsea. Petr Čech tó ṣọ́lé fún Arsenal lọ́jọ́ náà ti ṣọ́lé fún Chelsea fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iwobi ní tirẹ̀, tí a bí ní Èkó, ọmọ ikọ̀ Super Eagles ni. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn èsì tí mo tò sísàlẹ̀ yìí ni èmi fúnra mi hun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbọ́ èdè, láti fi ìlànà tí mo ń ṣàlàyé hàn.

Ta ni “ẹ” ń bá wí?

Ọmọ Chelsea kan, ẹni ọdún 20, kọjú sí ọmọ Arsenal tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ó ní:

(1) Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà fi ọwọ́ ara yín ta Giroud fún wa!

Gbólóhùn yìí jẹ́ pọ́n-na. “Ẹ̀gbọ́n” tó ṣáájú ń jẹ́ kí “ẹ” dà bí ti ọ̀wọ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni a pè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò ta agbábọ́ọ̀lù kankan rí láyé rẹ̀. Ẹgbẹ́ Arsenal ló lè ta Giroud. Ọ̀rọ̀ ìṣe “tà” ni ó gba “ẹ” lọ́wọ́ ẹni tó jókòó, tí ó sì gbé e lọ bá ẹgbẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ìpè tẹ́rí ba fún ẹ̀gbọ́n, ìdálẹ́bi sì rékọjá lọ sí London. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wé gbólóhùn kejì:

(2) Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù.

“Ẹ” kan náà ni, ìpè kan náà ni, ọ̀wọ̀ inú gírámà kò sì dín. Síbẹ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ yóò dákẹ́ díẹ̀, nítorí pé ohun tí a sọ yìí lè jẹ́ òtítọ́ nípa ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Ẹnì kan lè mọ bọ́ọ̀lù, ó sì lè máà mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹgbẹ́ tí “ẹ” lè sá lọ bá.

Ìdánwò tí mo dábàá nìyí: kí a máa béèrè bóyá ohun tí gbólóhùn náà sọ lè jẹ́ ìwà, ìmọ̀, ara tàbí ilé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Bí kò bá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí ó bá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti ń súnmọ́ èébú, bí a tilẹ̀ fi “ẹ” ọgọ́rùn-ún bò ó mọ́lẹ̀.

Àgbà kò ní ààbò yìí

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ààbò yìí kò sí fún àgbà. Ẹ̀gbọ́n kì í fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún àbúrò. Nítorí náà, bí ó bá sọ “ẹ” fún un, ọ̀pọ̀ nìkan ni ó lè jẹ́. Bí ó bá sọ “o”, ọmọ náà gan-an ló ń bá wí. Ẹ wo èsì rẹ̀:

(3) Ìwọ ọmọ yìí, ẹ nà wá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé o rí i pé ayò tó dùn ún wò jù lálẹ́ náà, ọmọ wa ló gbá a?

“Ẹ nà wá” jẹ́ ti ẹgbẹ́, “ṣé o rí i” sì jẹ́ ti ọmọ náà. Ààlà náà hàn kedere. Ìdí nìyí tí àgbà tó bá bínú nínú iyàn fi tètè ń hàn síta: ní kété tí ó bá fi “o” sí ibi tí “ẹ” ẹgbẹ́ yẹ kó wà, tó sọ pé “O fẹ́ràn àti máa jíwèé,” gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe Chelsea ló ń bá wí mọ́. Ọmọdé ní ibi ìfarapamọ́. Àgbà kò ní. A sábà máa ń rò pé àgbà nìkan ni ètò ọ̀wọ̀ Yorùbá ń dáàbò bò. Níbí, ọmọdé ni ó bò láṣọ.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú (3). “Ọmọ wa” pẹ̀lú jẹ́ pọ́n-na. Ó lè jẹ́ ọmọ Arsenal, ó sì lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, nítorí “wa” ti Yorùbá kò yọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ dandan. Ọmọ Chelsea náà lè gbé e bẹ́ẹ̀:

(4) Ọmọ wa ni lóòótọ́, a sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ayò kan ò lè ran mẹ́rin.

Ó gba Iwobi mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè, ó sì fi Arsenal sílẹ̀ síta. “Ẹ” ló pín wọn sí méjì. “Wa” ló tún so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí òwe bá wọlé

Ẹ̀gbọ́n lè rántí pé ọdún 1886 ni wọ́n dá Arsenal sílẹ̀, Chelsea sì jẹ́ ti ọdún 1905. Yóò ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí gbé ìbátan ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọ àwọn ẹgbẹ́ náà lọ́rùn. Ọmọ Chelsea mọ̀ pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ti gba ife Ṣáńpíọ́ọ̀nsì Líìgì ní ọdún 2012, nígbà tí Arsenal kò tíì gbà á rí títí di alẹ́ Baku. Èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀:

(5) Tótó, ó ṣe bí òwe o: ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun.

Bí ẹ̀gbọ́n bá fèsì pé “Wàá rí òmíràn pa,” iyàn náà ti ní ìlera. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i pé òwe (5) kò ní “ẹ” kankan nínú. Nítorí náà ni ọmọ náà ṣe nílò “tótó”. Níbi tí arọ́pò-orúkọ kò ti lè ṣe iṣẹ́ ààbò, ìjúbà ni ó gba ipò rẹ̀. Bí ó bá yọ ìjúbà yẹn kúrò, “ọmọ” àti “àgbà” inú òwe yóò padà di òun àti ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe Chelsea àti Arsenal mọ́.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́

Iyàn a máa bàjẹ́ nígbà tí “yín” bá so mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kò ní. “Aṣọ́lé yín” àti “akọ́nimọ̀ọ́gbá yín” kò bí ẹnikẹ́ni nínú. “Bàbá yín” ń bí ni nínú, nítorí Arsenal kò ní bàbá. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹni tó sọ ọ́ yóò máa ṣe àtúnṣe pé, “Ẹ má bínú, Arsenal ni mo ń bá wí o.” Àtúnṣe yìí ṣe pàtàkì fún àríyànjiyàn mi, nítorí kò lè nítumọ̀ bí kì í bá ṣe pé pọ́n-na tí mo ń sọ wà lọ́kàn àwọn oníyàn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ó ní òpin. Ó lè wo (1) sàn bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì í gbọ́; kò lè wo (2) sàn, nítorí a kò lè sọ pé Arsenal ni kò mọ bọ́ọ̀lù nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n ni a ń wò.

Ìgúnlẹ̀

Méjì ni ohun tí èyí túmọ̀ sí fún iṣẹ́ wa. Àwa tí a ń ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ ẹnu kò gbọdọ̀ máa kọ “ọ̀wọ̀” sí abẹ́ gbogbo “ẹ” tí ọmọdé bá sọ sí àgbà. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e ni kí a kọ́kọ́ wò. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ fi iyàn bọ́ọ̀lù ṣe ẹ̀rí pé àwọn ọ̀dọ́ ti pa ọ̀wọ̀ tì ní láti fi hàn pé irú (2) ń borí irú (1) lẹ́nu wọn. Kíka iye ìgbà tí ọmọdé fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ kò tó. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín “ẹ ta Giroud” àti “ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù”, tó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun sọ “tótó”, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló ń lò.